Ta Ló Sun Wákàtí Méje Lánàá?

Olùbánisọ̀rọ̀ náà kò kí wa kí ó tó bi wá ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó dìde, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó wo gbọ̀ngàn náà láti ọ̀tún dé òsì, ó ní: "Ta ló sun wákàtí méje lánàá nínú yín? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí yín." Àwa tí a wà níbẹ̀ kò lè dín ní igba. Ọwọ́ márùn-ún ni mo kà. Tèmi wà lára wọn, àmọ́ ojú kò jẹ́ kí n gbé e sókè pẹ́, nítorí èmi kò tíì bímọ. Ìwé àti gègé ni mo gbé dání lọ, kì í ṣe ọmọ. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, mo rí obìnrin kan tó fi orí lé èjìká ẹni tó jókòó tì í, tó ti sùn lọ fọnfọn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó jí i.

Ìbàdàn ni ìpàdé náà ti wáyé, ní ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ni wọ́n pè: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi, àti àwọn díẹ̀ tó ti Ṣàgámù àti Ọ̀yọ́ wá. Àkòrí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni ìsinmi àti ààlà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, tó sì ń gba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn báyìí. Ó bẹ̀ mí kí n má ṣe dárúkọ òun, nítorí pé ẹni tó bá mọ òun lè tipasẹ̀ orúkọ òun dá àwọn tí òun ń sọ ìtàn wọn mọ̀. Nítorí náà, Màmá Agbẹ̀bí ni n ó máa pè wọ́n nínú àpilẹ̀kọ yìí, bí àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń pè wọ́n.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lórí ìsinmi àwọn ìyá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń parí sí pé kí ìyá ra ọṣẹ olóòórùn dídùn, kí ó lọ tọ́jú èékánná, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín. Màmá Agbẹ̀bí kò dárúkọ ọṣẹ kankan. Ìṣirò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti akápò.

Wọ́n mú ìtàn obìnrin kan wá, ẹni tó gbà wọ́n láàyè láti sọ ọ́. Mówè ni obìnrin yìí ń gbé, Ìkẹjà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka ìṣirò owó ilé iṣẹ́ kan. Ọmọ méjì ni ó bí: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá nígbà náà. Olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni kò sì jìnnà sílé. Obìnrin náà kò wá nítorí àárẹ̀. Ó wá nítorí pé òun àti ọkọ rẹ̀ ń jà lójoojúmọ́, tí ó sì rò pé ìfẹ́ ti tán láàárín àwọn. Màmá Agbẹ̀bí fún un ní bébà kan tó ní ìlà méje, ìlà kan fún alẹ́ kan, wọ́n ní kí ó lọ kọ aago tí ó sùn, aago tí ó jí, àti iye ìṣẹ́jú tí ọmọ fi jí i láàárín òru. Wọn kò ní kí ó yí ohunkóhun padà ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ohun tí bébà náà sọ nìyí. Ní alẹ́ márùn-ún tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, aago 11:45 ni ó ń sùn, aago 4:00 ìdájí ni ó sì ń jí, kí ó lè se oúnjẹ, kí ó lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì jáde nílé ní aago 5:30 kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dé sí títì márosẹ̀. Ọmọ kékeré máa ń jí láti mú ọmú ní nǹkan bí aago 1:30, èyí sì ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí a bá yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà kúrò, oorun alẹ́ kan jẹ́ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45. Ní alẹ́ Jímọ̀ àti ti Sátidé, ó ń sùn di aago 6:00, èyí sì fún un ní wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 45 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, oorun ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 30 àti ìṣẹ́jú 15.

Ó kéré tán, àgbàlagbà nílò wákàtí 7 lálẹ́ kan, ìyẹn wákàtí 49 lọ́sẹ̀. Gbèsè obìnrin náà jẹ́ wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 45. Màmá Agbẹ̀bí dúró díẹ̀ kí á lè fi ọkàn ṣírò rẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé iye yẹn ṣe déédéé pẹ̀lú gbogbo oorun tí ó sùn ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ márààrún. Ìdajì ohun tó yẹ kí ó sùn kọ́ ni ó ń sọnù, àmọ́ kò jìnnà sí i. Kẹ́kẹ́ pa nínú gbọ̀ngàn náà. Mo rí àwọn obìnrin tó mú fóònù wọn jáde, tí wọ́n ń ṣírò tiwọn.

Ẹnìkan láti ìlà iwájú ní, "Màmá, ara wa ti mọ́ ọn." Ó dà bí ẹni pé gbólóhùn yìí gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n sọ fún wa nípa ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ nípa oorun ní Yunifásítì Pẹnsilfáníà tẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Wọ́n kó àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá jọ, wọ́n sì fún wọn ní ìwọ̀n oorun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ 14: àwọn kan ń sun wákàtí 8, àwọn kan 6, àwọn kan 4. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìfarabalẹ̀ àti ìrántí àwọn tó ń sun wákàtí 6 tàbí kí ó dín ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bíi ti ẹni tí kò fojú kan oorun fún odindi alẹ́ kan tàbí méjì. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n bi àwọn ènìyàn náà bí oorun ti ń kùn wọ́n tó, ìdáhùn wọn kò bá bí wọ́n ṣe ń ṣe sí mu. Wọ́n rò pé ara ti mọ́ ọn. Ara kò mọ́ ọn. Ẹ̀rí ọkàn tó ń sọ fún ènìyàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni ó ti dákẹ́.

Bí ìmọ̀lára ẹni kò bá wá ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, àmì wo ni a ó wò? Màmá Agbẹ̀bí ní kí á wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ẹni tó bá jókòó nínú dáńfó tó sì ti sùn lọ kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì, ẹni tó ń ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó yé e, ẹni tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń jágbe mọ́ ọmọ nítorí omi tó dà sílẹ̀, tó sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Obìnrin Mówè yìí ti kọ òǹkà owó kan sí ibi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ìgbà tí ó sun oorun tó ni ó tó mọ̀ pé ìjà òun àti ọkọ òun máa ń wáyé láàárín aago 9:00 sí 10:00 alẹ́, kì í sì í wáyé ní ọjọ́ Àìkú.

Láti ibí ni ọ̀rọ̀ ti dé orí ààlà. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un rọrùn. Wọ́n ní ààlà kì í ṣe ohun tí o sọ pé kí ẹlòmíràn má ṣe; ohun tí ìwọ fúnra rẹ yóò ṣe tàbí tí o kò ní í ṣe ni. Bí o bá sọ fún ọ̀gá rẹ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi lálẹ́," ẹ̀bẹ̀ ni. Bí o bá sọ pé, "N kì í wo Wọ́sáàpù lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá wà, ẹ pè mí," ààlà ni, nítorí pé ọwọ́ tìrẹ ni fóònù wà.

Gbólóhùn yẹn gan-an ni obìnrin Mówè lò. Ó ń lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálẹ́ láti dáhùn ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lórí ibùsùn. Kó tó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, Màmá Agbẹ̀bí ní kí ó padà sẹ́yìn, kí ó ka àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì wo èyí tí kò lè dúró di aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹyọ kan péré ni ó rí. Èyí ló fún un lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Kò wọlé lọ bá ọ̀gá náà láti sọ pé ó ti rẹ òun. Ó sọ pé òun yóò máa fi èsì iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ kí òun tó kúrò ní ọ́fíìsì ní aago 5:00, kí ìbéèrè má baà ṣẹ́ kù di alẹ́. Ọ̀gá kò yọ̀, kò sì bínú. Ó ṣe ojú kòró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà kan, wọ́n yí àsìkò ìpàdé òwúrọ̀ padà lórí Wọ́sáàpù ní aago 9:20 alẹ́, kò sì mọ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ojú tì í. Ó fẹ́ pa ààlà náà rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbà láti máa pè é bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni fóònù náà dún láàárín oṣù mẹ́ta.

Ti ọ́fíìsì rọrùn ju tilé lọ. N kò retí kí Màmá Agbẹ̀bí sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀, ó yé mi. Wọ́n ní iṣẹ́ ilé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó rántí pé ata ti ń tán, pé gáàsì kò ní pé ọ̀sẹ̀, pé Wẹ́sìdeè ni ọmọ ní eré ìdárayá, tó sì mọ̀ pé sọ́ọ̀kì funfun kan ṣoṣo ló kù, òun náà ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń rí i. Ọkọ rere tó ń sọ pé, "Sọ ohun tí mo máa bá ọ ṣe," ti gba iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ti fi iṣẹ́ ìrántí sílẹ̀ fún ìyàwó. Nítorí náà, àmọ̀ràn wọn ni pé kí a má pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Kí a gbé odindi iṣẹ́ kan fún ẹnìkan, láti ìgbà tí a ti rántí rẹ̀ títí di ìgbà tí a fọ ìkòkò.

Nínú ilé Mówè, ọkọ tó ń dé ní aago 4:30 ìrọ̀lẹ́ gba oúnjẹ alẹ́ àti ìwẹ̀ àwọn ọmọ láti Mọ́ńdè di Tọ́sìdeè. Ìyàwó di ọjọ́ Sátidé mú: ó ń lọ sọ́jà, ó ń din ata, ó sì ń lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbìyànjú láti se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sínú fìríìsà, àmọ́ iná mọ̀nàmọ́ná kò jẹ́. Ọbẹ̀ kan ṣá lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dà á nù. Ata díndín tí epo bò dáadáa ni wọ́n padà sí, wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní Sátidé àti ní alẹ́ Túsìdeè, wọ́n sì ń gbé e kaná lójoojúmọ́ kí ó má baà bàjẹ́. Nígbà tí aṣọ ti wà ní lílọ̀, tí oúnjẹ òwúrọ̀ kò sì ju kí a gbé nǹkan kaná lọ, ìyàwó lè sùn di aago 4:45.

Àwọn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò dára rárá. Ọkọ se ẹ̀wà, kò jinná. Ìyàwó wọlé, ó tọ́ ọ wò, kò sọ̀rọ̀, ó gbé ìkòkò padà sórí iná. Ní ọjọ́ kejì ọkọ kò wọ ilé ìdáná. Màmá Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n dé ibí yìí, àwọn obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ ìkòkò yẹn. Wọ́n ní bí ìyá bá ń tún iṣẹ́ tí ó ti gbé sílẹ̀ ṣe, iṣẹ́ náà yóò padà wá bá a láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìbínú lórí rẹ̀. Ohun méjì péré ni kí a dá sí: ohun tó lè pa ọmọ lára, àti ohun tí a ti jọ fẹnu kò lé lórí ṣáájú. Ẹ̀wà tí kò jinná wà lára ti kejì, torí náà ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe ní ìdí ìkòkò pẹ̀lú ebi nínú.

Lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ dé láti Ìjẹ̀bú. Ó bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nídìí àdògán, ó sì béèrè, ní ohùn tí gbogbo ilé gbọ́, bóyá ọkọ ni ó ń se oúnjẹ nínú ilé yìí. Ìyàwó ti ń dìde láti gba ọmọrọ́gùn. Màmá Agbẹ̀bí ti sọ fún àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀ pé ààlà tó bá kan ẹbí ọkọ, ọkọ ni kí ó fà á. Èyí tó bá kan ẹbí ìyàwó, ìyàwó ni. Bí ìyàwó bá dá ìyá ọkọ lóhùn, àfojúdi ni wọn yóò pè é, kódà bí ó bá wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọkọ ni ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo gba ti alẹ́. Ìyàwó yín ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bu oúnjẹ fún yín." Ìyá jẹun. Ó ní iyọ̀ pọ̀ díẹ̀. Wọ́n sọ pé kò tún béèrè mọ́, àmọ́ ó ṣì ń sọ ọ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, kò sì sí ààlà tí a lè fà sí ìyẹn.

Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá ni ó kẹ́yìn. Ọmọ tó ti lé ní ọdún kan, tí ara rẹ̀ dá, tó sì ń jẹun dáadáa lọ́sàn-án, kì í sábà nílò oúnjẹ láàárín òru. Ìtùnú ni ó ń wá. Wọn kò gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ó ń mu ún bí ìyá bá ti wọlé, ó tún ń mu ún ní ìdájí. Àmọ́ bí ó bá jí ní aago 1:30, bàbá ni ó ń dìde gbé e pọ̀n, ní alẹ́ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹkún alẹ́ àkọ́kọ́ gba ogójì ìṣẹ́jú, ìyá sì jókòó sínú yàrá kejì, òun náà ń sunkún. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi pé, ọmọ náà kì í jí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kì í sì í pẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n tún kọ bébà. Ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ó ń sùn ní aago 10:15, ó ń jí ní 4:45. Bí a bá yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kúrò ní alẹ́ méjì tí ó ṣì ń dìde sí ọmọ, alẹ́ márààrún jẹ́ wákàtí 31 àti ààbọ̀. Alẹ́ Jímọ̀ àti ti Sátidé fún un ní wákàtí 7 kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 45 àti ààbọ̀. Gbèsè ṣì wà, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: ọ̀nà Mówè sí Ìkẹjà. Kò sí ọkọ tàbí ìyá ọkọ tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan béèrè nípa òfin. Màmá Agbẹ̀bí kì í ṣe amòfin, wọ́n sì yára kọjá níbẹ̀, nítorí náà mo padà sílé láti ka ìwé òfin náà fúnra mi. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìpín 13, sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní àsìkò ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, àti pé nínú ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan tó jẹ́ odindi wákàtí 24. Ìpín 54 fún obìnrin tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, ó sì fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín àsìkò iṣẹ́. Àmọ́ ihò kan wà nínú àwọ̀n náà: bí òfin yìí ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà "òṣìṣẹ́", kò ka àwọn tó wà ní ipò alábòójútó, ọ̀gá tàbí onímọ̀ iṣẹ́ akanṣe mọ́ ọn. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ó pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ọjọ́ náà. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí olúkúlùkù fọwọ́ sí ni ó ṣe pàtàkì jù fún wọn, ẹni mélòó nínú wa ni ó sì ti kà á tán?

Ìbéèrè tó wọ̀ mí lára jù lọ wá láti ẹnu nọ́ọ̀sì kan tí ọkọ rẹ̀ wà ní ìlú Òyìnbó láti ọdún méjì. Ó ní, "Màmá, ta ni n ó gbé odindi iṣẹ́ fún?" Màmá Agbẹ̀bí kò purọ́ fún un. Wọ́n ní ìṣirò tiwọn kò lè jọ ti Mówè. Àwọn ìyá ìyá wa náà ṣiṣẹ́: wọ́n tà, wọ́n rà, wọ́n rin ìrìn àjò lọ sọ́jà, wọ́n ń rẹ aṣọ láró. Iṣẹ́ kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, agbo ilé ni ó tú ká. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun, ìyálé tó ń bá ìyàwó wo ọmọ, àwọn àbúrò ọkọ tó ń pọn omi, gbogbo wọn ni a fi sílẹ̀ nígbà tí a kó lọ sí yàrá méjì ní ìgboro. Wọ́n bi nọ́ọ̀sì náà bóyá àwọn ìyá míì tó ń ṣiṣẹ́ òru wà ní àdúgbò rẹ̀. Ó ní méjì wà. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó ìwé àkókò iṣẹ́ wọn sórí tábìlì kan, kí wọ́n wo ọjọ́ tí ẹnìkan wà nílé nígbà tí ẹnìkan ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, kí ẹni tó wà nílé gba gbogbo ọmọ láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ di ọ̀sán. Oorun wákàtí mẹ́rin tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀, nínú yàrá tí a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ìyẹn ni wọ́n ní láti fún un.

Obìnrin kan dábàá ọmọ ọ̀dọ̀, ọ̀pọ̀ sì kan sáárá sí i. Màmá Agbẹ̀bí ní bí owó bá wà, ó dára. Èmi kò rò pé ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ tí mo mọ̀ jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, tó ń jí kí ìyá ilé tó jí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò sì gbà kí a mú ọmọdé ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn òde ilé tàbí ẹbí tirẹ̀. Àgbàlagbà tí a ń san owó fún, tó sì ní aago tí ó ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kí wọ́n tó parí, wọ́n kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni oorun ń wò. Bí ìyá bá sùn tó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì funfun, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó bímọ. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ ṣáá fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò gbádùn ohunkóhun, tí kò sì lè sùn kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, dókítà ni kí ó lọ rí, kì í ṣe olùbánisọ̀rọ̀. Bí èrò pé kí òun pa ara òun tàbí ọmọ lára bá sì wá sí i lọ́kàn, kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Wọ́n ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé aago kan ọ̀sán ni àwọn yóò parí. Nígbà tí ó lù, ọwọ́ mẹ́fà ṣì wà lókè. Olóòtú ètò bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Màmá Agbẹ̀bí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n sì lọ sí ìdí ọkọ̀ wọn. Àwọn kan kùn. Ọ̀pọ̀ pàtẹ́wọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pín bébà onílà méje. Mo gba méjì. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta, ìyá ọmọ mẹ́ta, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́. Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin. Ó ní òun ti kọ alẹ́ mẹ́ta sí i, òun kò sì fẹ́ sọ iye rẹ̀ fún mi. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, bùrọ̀dá sì ti bi í pé kí ni àwọn nọ́ńbà yẹn.